Pátákó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní kó “rí bíi ti olówó”

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, màmá kan tó ń ta lééṣì ní kí n ṣe pátákó ṣọ́ọ̀bù fún wọn, kó ṣáà rí bíi ti olówó. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é?”

Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó rí. Oníléèṣì kan n'Íbàdàn sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo bá fi lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ góòlù sórí kíríìmù, ó rẹwà lórí fóònù, àwọn náà yìn ín, ni mo bá gbé e lọ tẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e kọ́ tán, góòlù ti di yẹ́lò ìdọ̀tí, ẹni tó dúró ní òdìkejì títì ò rí nǹkan kan kà. Èmi ni mo sanwó títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Má bi wọ́n mọ́ pé kí ni wọ́n fẹ́, ojú wọn ló mọ̀ ọ́n, ẹnu wọn ò lè sọ ọ́. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n fa lééṣì mẹ́ta yọ tí wọ́n máa ń gbé fún oníbàárà tó lówó lọ́wọ́. Màmá oníléèṣì tèmi yẹn fa wáìnì méjì yọ àti búlúù kan tó ṣókùnkùn, kò séyìí tó ń tàn yòò nínú wọn, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé àwọ̀ tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ti olówó. Nínú íńkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wáìnì yẹn di C 30, M 100, Y 60, K 40, lẹ́tà kíríìmù sì di C 0, M 5, Y 20, K 0. Góòlù tó ń dán ò sí nínú íńkì mẹ́rin yẹn, má ṣèlérí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku lẹ́tà. Mo wọn ilẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ gíga ínṣì 1, ìyẹn ínṣì 6 ó kéré tán, ṣùgbọ́n mo fi orúkọ sí ínṣì 10 torí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò ní ráyè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà ínṣì 10 kan gba orí pépà A4, torí náà mo tẹ ẹyọ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, mo ní kí màmá sọdá títì kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní ó ṣì “rù”. Mo mú ìlà lẹ́tà náà nípọn sí i láti ínṣì 1 sí ínṣì 1.5, wọ́n mi orí pé ó ti dáa.

Pátákó náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú, 4 ní gíga, mo sì fi ínṣì 3 kún fílẹ́ẹ̀sì yíká torí wọ́n máa ká a mọ́ férémù irin. Gbogbo nọ́ńbà yìí ni mo kọ ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò ègé kékeré tí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ̀, mi ò sì gbé fáìlì lọ títí wọ́n fi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.