Ta ni abala 38 ń dáàbò bò, ẹ̀sìn ni àbí ẹlẹ́sìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí ní Adó-Èkìtì. Nínú kọ́ọ̀sì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n ní ká gbé àwíjàre ìhà méjèèjì yẹ̀ wò lórí òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá bú ẹ̀sìn. Abala 38 ni ìhà méjèèjì ń dì mú. Báwo ni mo ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ìdáhùn: Wo ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà ná. Ènìyàn ni abala 38 Ìwé Òfin 1999 fún ní òmìnira láti gbàgbọ́, láti jọ́sìn, láti kọ́ni, àti láti tan ẹ̀sìn rẹ̀ kálẹ̀. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà.

Ká ní oníwàásù kan gbé gbohùngbohùn lọ sí Ìrè-Èkìtì lásìkò ọdún Ògún, tó ní iṣẹ́ Sàtánì ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Lábẹ́ abala 204 Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí gúúsù jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí wọ́n kà á sí èébú sí ẹ̀sìn wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lè já lé e. Òun á ní ìwàásù lòun ń ṣe, òótọ́ sì ni. Àwọn olùsìn Ògún náà á ní ẹ̀sìn àwọn ni wọ́n bú, òótọ́ nìyẹn náà. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ni pé: ṣé ó dí wọn lọ́nà ojúbọ? Ṣé ó ní kí àwọn èèyàn lù wọ́n? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú ti lè bí wọn, ṣùgbọ́n òmìnira àtisìn wọn ṣì wà níbẹ̀.

Abala 45 wá gba ìjọba láyè láti dín ẹ̀tọ́ kù nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, bó bá ti yẹ nínú ìjọba tiwa-n-tiwa. Ibí ni ẹjọ́ Yahaya Sharif-Aminu, olórin tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní Kánò pé ó bú Ànọ́bì, ti wúlò fún ẹ. Abala 382(b) Òfin Ìjìyà Ṣàríà ti ọdún 2000 ní ikú ni ìjìyà ẹni tó bá bú Ànọ́bì. Àwíjàre ìjọba tó lágbára jù ni pé bí kóòtù kò bá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èrò ìgboro á dá a fúnra wọn. Má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní August 2022, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà kò ta ko Ìwé Òfin.

Ní ọjọ́ 9, April 2025, Kóòtù ECOWAS sọ òmíràn. Ó gbà pé àlàáfíà ìlú jẹ́ ìdí tó tọ́, àmọ́ ó ní ìjìyà ikú tó wà nínú abala 382(b) ti pọ̀ jù. Ní ti abala 210 òfin Kánò mìíràn, ohun tó kọ̀ níbẹ̀ ni pé kò ṣàlàyé kedere ohun tó jẹ́ èébú.

Ṣọ́ra o: Kóòtù ECOWAS kì í ṣe ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí kóòtù wa. Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni kó o gbára lé, torí pé ó ti di òfin Nàìjíríà. Nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi lọ́dún 2000, Kóòtù Gíga Jù Lọ ní ó ga ju òfin lásán lọ, ṣùgbọ́n kò ga ju Ìwé Òfin.