Ìwé fáwọn ayálégbé lórí iná tó ń tan ara rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ilé màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń bójú tó, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná tó ń fúnra rẹ̀ tàn sí àgbàlá. Tàárọ̀-talẹ́ làwọn ayálégbé ń pè mí pé ó ti bàjẹ́. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé kó lè yé wọn, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n á ṣe máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Ẹ kú àmójútó ilé màmá. Ṣàgámù, lápá Mákùn, ni ilé tèmi wà, irú iná yìí náà la sì fi síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìpè tí mò ń gbà kì í ṣe ti ìbàjẹ́ rárá. Iná ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn tó ń gbébẹ̀ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí. Nítorí náà, ẹ má fi "tí iná bá bàjẹ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí" bẹ̀rẹ̀ ìwé yín. Ohun tí kì í ṣe ìbàjẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ.

Fótósẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù ló ń wo ojú ọ̀run. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á jẹ́ kí iná kọjá; tí ilẹ̀ bá mọ́, á gé e. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa lọ́ra díẹ̀ ni, ó lè tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iná mọ́tò tó bá yà wọlé lóru má bàa tàn án jẹ. Ìlọ́ra yìí ló ń fa wàhálà. NEPA á mú iná wá lágogo méjì ọ̀sán, gbogbo iná àgbàlá á tàn, ẹnì kan á ti gbé fóònù pé owó ń ṣòfò. Ká ní ó ní sùúrù díẹ̀ ni, á rí i tí wọ́n á kú fúnra wọn. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n tún lè tàn. Okùn aṣọ náà wà níbẹ̀. Màmá kan nílé mi sá ìró àdìrẹ rẹ̀ síwájú fótósẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá kànga, iná ọ̀hún ò kú títí tó fi ká aṣọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òun gan-an ló sì wá fẹjọ́ iná sùn.

Ìkejì ni bí wọ́n á ṣe sọ ọ́. Ẹ fún iná kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà olóròóró kọ ọ́ sára ògiri lábẹ́ rẹ̀, torí "iná ẹ̀yìn kíṣìnnì" tí ẹnì kan ń pè kì í ṣe tí ẹlòmíì. Nílé wa, wọ́n ní iná ẹ̀yìn kíṣìnnì "ò dáa." Ẹlẹ́tírísíànì wá lọ́sàn-án, ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo fótósẹ́ẹ̀lì, a dúró, iná tàn. Ó ṣí i, iná kú. Ó ní kò sóhun tó ṣe é, ó gba owó ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Lálẹ́, ẹjọ́ tún dé. Ọmọ ilé ìwé kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé: "Iná 3. Láti aago méje alẹ́. Iná NEPA wà. Ó ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ láàárín wọn. Àwọn tó kù dáa."

Ìyẹn nìkan ni ẹlẹ́tírísíànì gbọ́ tó fi mọ̀ ọ́n láìtíì kúrò nílé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kun fẹ́ǹsì ní funfun. Bí iná bá ti tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ta lu fẹ́ǹsì, á padà sójú fótósẹ́ẹ̀lì, ìyẹn á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, á gé iná. Òkùnkùn á dé, á tún tàn án. Kò sóhun tí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ fẹ́ǹsì sápá ibi tó ṣófo, ó parí. Ẹlẹ́tírísíànì ò sì lè rí i lọ́sàn-án láé, torí alẹ́ nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ wọn: nọ́ńbà iná, àsìkò, bóyá iná NEPA wà, àti ohun tí iná ọ̀hún ń ṣe gan-an.

Bí ìwé tèmi ṣe rí rèé, ẹ tún un ṣe bó ṣe bá ilé yín mu:

"Sí gbogbo ayálégbé. Ẹ kú ilé o. Iná àgbàlá márààrún tí a fi sí ilé yìí ń fúnra wọn tàn bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n sì ń kú bílẹ̀ bá mọ́. Kò sí swíìsì tí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀. Bí NEPA bá mú iná wá lọ́sàn-án tí wọ́n bá tàn, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá aṣọ síwájú fótósẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì fi nǹkan kan bò ó.

Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí kiatékà tí iná kan ò bá tàn lálẹ́ nígbà tí àwọn tó kù ń tàn, tó bá ń tàn tó ń kú léraléra, tàbí tó bá ń tàn láti àárọ̀ títí ọ̀sán nínú oòrùn. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, àsìkò, bóyá iná NEPA wà, àti ohun tó ń ṣe. Tí márààrún ò bá tàn, tí iná sì wà nínú yàrá yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yúnítì mítà àgbàlá ló tán. Ẹ jẹ́ kó mọ̀.

Tí ẹ bá rí i tó ń ta pàràpàrà, tí ẹ gbóòórùn wáyà tó ń jó, tàbí wáyà já sílẹ̀, ẹ má kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ pè lójú ẹsẹ̀, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Abala owó, ẹ má fò ó o, ẹ ṣáà mọ̀ wá nílẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó. Gílóòbù tiwa jẹ́ wáàtì 10. Márùn-ún rẹ̀ fún wákàtí 12 jẹ́ wáàtì-wákàtí 600, ìyẹn yúnítì 0.6 lálẹ́ kan, bí yúnítì 18 lóṣù tí iná bá wà ní gbogbo òru. Ẹ kọ ìṣirò náà sísàlẹ̀ ìwé, kí ẹ sì kọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín in. Látìgbà tí mo ti kọ ọ́, mi ò gbọ́ pé mò ń fi iná àgbàlá rẹ́ wọn jẹ mọ́.

Tí ẹ bá ní iná tó jẹ́ pé ìrìn èèyàn ló ń tan án lẹ́nu géètì, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ooru ara ohun tó ń rìn nìyẹn ń mọ̀, ewúrẹ́ àti ajá lè tàn án, tí èèyàn bá sì dúró jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀, á kú. Bẹ́ ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, alaalẹ́ ni wọ́n á máa pè yín pé iná géètì ò tàn.