Ibo Ni Ojú Yóò Kọ́kọ́ Bà Lé Lórí Síláìdì Yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń ṣe síláìdì fún ìpàdé níbi iṣẹ́ wa. Gbogbo ohun tó yẹ ni mo máa ń kó sí i, mi ò sì kì í jẹ́ kí ibì kan ṣófo. Síbẹ̀, àwọn èèyàn á tún máa béèrè ohun tí mo ti kọ síbẹ̀ gan-an. Ṣé kí n mú lẹ́tà tóbi sí i ni, àbí kí n fi àwọ̀ kún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan lẹ́tà tàbí àwọ̀. Ibi tó ṣófo tí ẹ ń sá fún yẹn ni ká kọ́kọ́ wò.

Èèyàn kì í ka síláìdì láti ìlà kìíní bí ẹni ń ka ìwé. Ojú á kọ́kọ́ gbá gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, á wá ohun tó yàtọ̀ sí ìyókù, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Bí gbogbo nǹkan bá tóbi bákan náà, tí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba, kò rí ibi dúró. Ẹni tó jókòó á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òkè, nígbà tí ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ nípa ìsàlẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè ka ọ̀rọ̀ kan kó tún máa gbọ́ òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú síláìdì kan, ká tún un ṣe pọ̀. Ká ní ìròyìn ẹ̀ka tó ń gba ìpè oníbàárà ni. Àkọlé rẹ̀ ni “Ìròyìn Ìdajì Ọdún”. Ìlà mẹ́fà wà lápá òsì, lẹ́tà gbogbo wọn jẹ́ 20. Ṣáàtì kan wà lápá ọ̀tún, ó ní ọ̀pá mẹ́fà, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Àmì iléeṣẹ́ wà lókè, ìlà aláwọ̀ kan sì fa kọjá nísàlẹ̀. Ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù sá pa mọ́ sí ìlà kẹrin: lẹ́yìn tí wọ́n yí ètò ṣífìtì padà, ìṣẹ́jú tí oníbàárà fi ń dúró dín kù láti 14 sí 6.

Orí ìwé lásán ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, ìkejì àti ìkẹta. Níbí, nọ́ńbà náà ni ìkíní, ohun tó fà á ni ìkejì, ṣáàtì tó jẹ́rìí sí i ni ìkẹta. Ìlà márùn-ún yòókù á kúrò lójú síláìdì. Ẹ kó wọn sí àyè àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹ̀yin nìkan ti máa rí wọn, tàbí kí èyí tó wúwo nínú wọn ní síláìdì tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n lẹ́tà. Ẹ kọ “14 → 6” ní 96. Ẹ kọ “ìṣẹ́jú tí oníbàárà fi ń dúró” sábẹ́ rẹ̀ ní 24. Kí àkọlé di gbólóhùn tó sọ ohun tó fà á, “Ètò ṣífìtì tuntun ti dín ìdúró oníbàárà kù”, ní 32. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé dandan ni kí àkọlé tóbi ju gbogbo nǹkan lọ. Bí nọ́ńbà bá fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú, òun lojú máa kọ́kọ́ bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọlé wà lókè. Ìyàtọ̀ kékeré ni kò ṣiṣẹ́. Lẹ́tà 24 àti 28 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń dà bí àṣìṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn kedere tàbí kí ẹ fi wọ́n sí ìwọ̀n kan náà.

Ní báyìí, àyè. Síláìdì fífẹ̀ tí PowerPoint máa ń ṣí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 33.87, ó sì ga tó 19.05. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ yí ká, kí nǹkan kan má wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá tẹ `Alt+F9`, àwọn ìlà atọ́nà tí ẹ lè fà lọ sí etí á yọ. Nínú sẹ̀ǹtímítà tó kù ní ìbú, ẹ fún nọ́ńbà àti àlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí 11 lápá òsì, ẹ fi 3 sílẹ̀ lófìfo, ṣáàtì á gba ìyókù.

Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà àti àlàyé abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ síláìdì ti ń bàjẹ́. Ohun tó sún mọ́ra lojú máa ń kà sí ọ̀kan, ohun tó jìnnà síra ló máa ń kà sí ọ̀tọ̀, kí ẹni náà tó ka lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí àkọlé kékeré kan bá wà láàárín ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ méjì, tí àlàfo òkè rẹ̀ àti tìsàlẹ̀ dọ́gba, ojú ò mọ èyí tó ni ín. Òfin tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé kí àlàfo láàárín ọ̀wọ́ méjì jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú ọ̀wọ́ kan, ó kéré tán. Tí èyí bá ti dúró dáadáa, àpótí àti ìlà tí ẹ fi ń pààlà ò wúlò mọ́, ẹ yọ wọ́n.

Ẹ má sì fọ́n àyè náà káàkiri. Àlàfo wẹ́wẹ́ tó há sáàárín àwọn nǹkan ò tọ́ ojú sọ́nà. Ẹ kó o jọ síbì kan, kí ó yí nọ́ńbà yẹn ká.

Ṣáàtì ló kàn. Kí ọ̀pá márùn-ún ní àwọ̀ eérú, kí oṣù tó gbẹ̀yìn nìkan jẹ́ búlúù, kí “6” inú nọ́ńbà ńlá náà sì jẹ́ búlúù kan náà. Ojú á fò láti orí nọ́ńbà lọ sórí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Ẹ má lo àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ jù, nítorí pírójẹ́kítọ̀ inú yàrá tó ní ìmọ́lẹ̀ máa ń pa á rẹ́ pátápátá.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ rìn sẹ́yìn kúrò níwájú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì di ojú díẹ̀ títí tí lẹ́tà ò fi ní ṣeé kà. Kí lẹ ṣì ń rí? Tó bá jẹ́ àmì iléeṣẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ fi sí síláìdì àkọ́kọ́ àti èyí tó gbẹ̀yìn nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síláìdì han ẹnì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ bi í pé kí ló rí.

Ohun kan wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀: bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju àpótí rẹ̀ lọ, PowerPoint lè dín lẹ́tà kù fúnra rẹ̀. Síláìdì kan á ní àlàyé 24, èkejì á ní 19. Ẹ lọ sí `Format Shape`, `Text Options`, `Text Box`, kí ẹ yan `Do not Autofit`. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ gé e.

Síláìdì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n kà láìsí yín níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ó nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, nọ́ńbà 96 yẹn lè wá sí 54, àyè ẹ̀gbẹ́ sì lè dín kù sí sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì tí mo sọ yẹn kò yí padà. Tó bá sì jẹ́ tábìlì tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi fi ohun mẹ́rin wéra kí wọ́n tó yan ọ̀kan, ẹ má ṣe gbé ẹyọ kan ga ju ìyókù lọ; ẹ jẹ́ kí àwọn orí ìlà nìkan nípọn, kí ojú lè máa rìn láti ọ̀kan sí èkejì.