Kọfí Àlejò 30 Nínú Ìkòkò Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹbí wa máa pé jọ láàárọ̀ Sátidé, a ó tó ọgbọ̀n. A ò ní ẹ̀rọ kọfí, ìkòkò ńlá tó ń gba lítà 10 ló wà nílẹ̀. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ la rà. Báwo ni kọfí àti omi ṣe máa pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Omi lítà 6, kọfí gíráàmù 350. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ike omi lítà kan àbọ̀ mẹ́rin ni omi yẹn. Kọfí náà jẹ́ odindi àpò gíráàmù 250 kan, kí ẹ wá bu díẹ̀ tí kò tó ìdajì kún un látinú àpò kejì.

Omi yẹn kò pọ̀ jù. Ká ní ẹ fẹ́ bu mìlílítà 175 sí ife kọ̀ọ̀kan, ife 30 á gba lítà 5 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n kọfí lílọ̀ máa ń fa omi mu: gíráàmù kan á mu tó mìlílítà 2, kò sì ní í dá a padà. Gíráàmù 350 á gbé nǹkan bíi mìlílítà 700 mì, ìyẹn ife mẹ́rin gbáko. Ẹni tó bá wọn omi bí iye ife nìkan, èèyàn mẹ́rin ni kò ní í rí kọfí mu.

Ẹ jẹ́ kí omi hó, kí ẹ gbé e kúrò lórí iná, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó di pé ẹ da kọfí sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é pọ̀. Kọfí tó bá ń hó lórí iná á korò débi pé ṣúgà ò ní í ràn án. Ẹ rò ó dáadáa kí gbogbo rẹ̀ lè rin, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, kí ẹ tún rò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sínú asẹ́, kí ẹ máa sẹ́ ẹ sínú fúláásì lójú ẹsẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ títí, ife tó kẹ́yìn á korò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn kan máa ń di gbogbo kọfí náà sínú aṣọ kan kí wọ́n má baà sẹ́ ẹ. Èmi kì í gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí àárín ìdì náà kì í rin, kọfí á sì ṣàn bí omi. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tó ṣàn, tí àwọn àgbà sì fẹ́ kó le, kọfí ni kí ẹ fi kún un nígbà mìíràn, bíi gíráàmù 50, ẹ má fi àsìkò kún un.

Ẹ yẹ àpò náà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o. Bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń yọ́ tán nínú omi, bíi gíráàmù 2 ló tó fún ife kan, ìyẹn 60 fún gbogbo yín. Omi lítà 5 àti ààbọ̀ á tó o, kò sì sí pé à ń sẹ́ ẹ.