Bíláńkì inú sikirábù: ìgbà wo la ń ná an?

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí bíláńkì, táìlì òfìfo tó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí, bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, kì í yé mi bóyá kí n lò ó kíá àbí kí n fi pamọ́ de wọ́ọ̀dù onílẹ́tà méje. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìṣirò kékeré kan ni mo máa ń ṣe kí n tó fọwọ́ kàn án. Wá póìntì tó pọ̀ jù tóo lè rí láìlo bíláńkì, wo iye tóo máa rí tóo bá lò ó, tí èyí tóo lò ó sí ò bá fi bí 30 ju ìkejì lọ, fi sílẹ̀ sọ́wọ́. Bíláńkì fúnra ẹ̀, òdo ni póìntì ẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó bá ẹ kó táìlì méjèèje kúrò lórí ráàkì lẹ́ẹ̀kan náà kóo gba bónọ́sì 50, méjì péré ló sì wà nínú 100 táìlì.

Jẹ́ ká ní A E R T V W àti bíláńkì ló wà lórí ráàkì ẹ. O rí ibi tó ń sọ wọ́ọ̀dù di ìlọ́po méjì, WAVE máa fún ẹ ní 20 níbẹ̀, WAVERS tí bíláńkì jẹ́ S máa fún ẹ ní 22. Má tìtorí póìntì 2 ná an o! Gbé WAVE, V àti W tó nira ti lọ nìyẹn, R, T àti bíláńkì ló kù, wàá fa mẹ́rin sí i. Tóo bá fa A E I N, sọ bíláńkì di C kó jẹ́ CERTAIN, D kó jẹ́ TRAINED, P kó jẹ́ PAINTER, èyíkéyìí tí bọ́ọ̀dù bá ti gbà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé FARM wà lóòró nílẹ̀, tí M ẹ̀ wà lókè àpótí pupa àárín etí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tẹ́ WAVERS sí etí yẹn kí S bíláńkì bọ́ sórí àpótí pupa, FARM náà á di FARMS, méjèèjì á sì di ìlọ́po mẹ́ta. WAVERS jẹ́ 36 torí A bọ́ sórí àpótí tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì, FARMS jẹ́ 27, àròpọ̀ 63. Yọ 20 ti WAVE kúrò, 43 ló kù, ná an kíá.

Ohun tó ń ba àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ jẹ́ ni pé wọ́n á di bíláńkì mú, wọ́n á sì di U méjì àti V mú pẹ̀lú ẹ̀, á kàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta láìrí bónọ́sì. Àwọn táìlì burúkú yẹn ni kóo kọ́kọ́ máa lé lọ, kódà tí póìntì ẹ̀ bá kéré díẹ̀. Tí àpò táìlì bá sì ti ń gbẹ, má dúró de 30 mọ́, torí táìlì tóo fẹ́ fi ṣe bónọ́sì ti ń tán, 15 tàbí 10 ti tó, bó bá sì jẹ́ pé bíláńkì ló máa jẹ́ kóo kọ́kọ́ parí táìlì ẹ, lò ó láìwo póìntì rárá.