Tótó ṣe bí òwe: ṣé ó tó láti fi ta ko ọ̀rọ̀ ẹni téèyàn ò mọ̀ rí?

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà. Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ni a ti ń jiyàn lórí iye ọmọ tí Odùduwà bí, bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí ní méje ni, pé ẹni tó bá ti ní ó ju méje lọ ò mọ̀tàn. Ọmọ Iléṣà ni mí, mi ò gbà. Mo ṣe 'tótó ṣe bí òwe' kí n tó ní àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà, síbẹ̀ gbogbo wọn ní mo rí bàbá fín. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?"

Tótó tẹ́ ẹ ṣe yẹn dáa, iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an ni kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn àgbà ló ni òwe, ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi máa ń sọ pé "tótó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe" tó bá fẹ́ pa á lójú wọn, àgbà tó wà níbẹ̀ á sì dáhùn pé "wà á pa òmíràn", á jẹ́ pé wọ́n ti yọ̀ǹda fún un nìyẹn, kó máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Àyè láti pòwe ni tótó ń tọrọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bá yín tọrọ àforíjì fún ohun tí òwe yẹn fẹ́ lọ sọ, kò sì lè sọ èébú di àpọ́nlé. Téèyàn bá ṣe tótó títí ilẹ̀ fi ṣú tó wá pe ẹnì kejì ní èkúté ilé, èkúté ilé náà ló pè é.

Ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Nínú àríyànjiyàn, kí Yorùbá tó ronú pé òwe yìí bọ́gbọ́n mu tàbí kò bọ́gbọ́n mu, ohun tó máa kọ́kọ́ wá ni ẹni tí òwe yẹn ń bá wí. Èkúté ilé wà nínú ẹ̀, ológbò wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin méjì náà lẹ sì ń jiyàn, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bi yín ta ni èkúté. Ẹ pe bàbá ní aláìmọ̀kan, ẹ wá fi ara yín ṣe ológbò lé e, níṣojú àwọn èèyàn tó wá ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, tí gbogbo wọn ń wo ẹnu yín. Bàbá tó jẹ́ pé ká ní ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu yín, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbà fún yín níbẹ̀ yẹn mọ́.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òwe ta ko ẹni tẹ́ ò mọ̀, ẹ yẹ àwọn tó wà nínú òwe yẹn wò ná. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni "ọ̀nà kan ò wọ ọjà". Kò sí òmùgọ̀ kankan nínú ẹ̀, kò sí ẹni tó kéré, ọjà kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń lọ, ọ̀nà ibi tí kálukú gbà ló yàtọ̀. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀" náà máa bá ọ̀rọ̀ Odùduwà mu gan-an, torí ẹ ti fi ara yín sípò ọmọdé, ẹ fi bàbá sípò àgbà, ẹ sì tún ti sọ pé ọmọdé náà lọ́gbọ́n tiẹ̀. Àmọ́ kó jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n jù yín lọ o, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ yín, á ní ta ni ọmọdé nínú wa. Èyí tí èmi ò ní pa fún àjèjì láéláé ni "ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè". Òwe tó dáa ni, tó bá jẹ́ àgbà fúnra ẹ̀ ló pa á láti fi sọ pé òun gba ìmọ̀ràn, ó dùn-ún gbọ́ púpọ̀. Àmọ́ tó bá ti ẹnu ọmọdé jáde nígbà tí ara ti ń gbóná, "àgbà" àti "wèrè" nìkan ni bàbá máa gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ yín gan-an, torí ó ṣeé sọ láìsí òwe rárá. Bàbá yẹn ò ṣàdédé sọ méje o. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, méje ló wà níbẹ̀: ìyá Olówu, ìyá Alákétu, ọba Bìní, Ọ̀ràngún Ìlà, Onísábẹ̀, Olúpòpó àti Ọ̀rányàn. Ọmọ Ọ̀kànbí ni ìwé yẹn tiẹ̀ pè wọ́n, ìyẹn ni pé ọmọ-ọmọ ni wọ́n jẹ́ fún Odùduwà. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́ méje yìí nílé ìwé. Ẹ̀yin náà ò ṣàdédé jiyàn, torí ohun tí wọ́n ń sọ ní Iléṣà ni pé Ajíbógun, Ọwá Obòkun, ọmọ Odùduwà ni, òun ló lọ bu omi òkun wá nígbà tí ojú ń dun bàbá ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ò sì sí nínú méje yẹn. Irú ìtàn báyìí wà láwọn ìlú míì náà, ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ka mẹ́rìndínlógún. Ṣẹ́ ẹ ti wá rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ló ní ohun tẹ́ ẹ dì mú.

Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ohun tí màá sọ á jọ báyìí: "Ẹ kú àlàyé sà. Òótọ́ ni, méje ló wà nínú ìwé. Ohun tí àwọn bàbá tiwa ń sọ fún wa ní Iléṣà ni pé Ajíbógun náà wà lára àwọn ọmọ, mi ò sì rí orúkọ ẹ̀ nínú méje yẹn. Ibo lẹ rò pé ó yẹ ká kà á sí, sà?"

Ẹ wò ó bó ṣe rìn. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó jóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo gbà á ní gbangba, kì í sì í ṣe ìpọ́nni lásán, torí ó wà nínú ìwé lóòótọ́. Tí kò bá sí òótọ́ kankan nínú ohun tẹ́nì kan sọ, ẹ má fipá wá a, ẹ ṣáà kí i kú àlàyé. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sọ pé wọ́n ṣì í, mo ní ohun tí wọ́n sọ fún àwa rèé. Ìyẹn ló gbé ìjà kúrò láàárín èmi àti bàbá, ó wá di ìtàn kan pẹ̀lú ìtàn kejì, a lè jọ jókòó gbé méjèèjì yẹ̀ wò. Ìbéèrè tí mo sì fi parí ẹ̀, ìbéèrè gidi ni, mo fẹ́ gbọ́ èsì. Tó bá jẹ́ ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ fi mú èèyàn ni, irú bíi "ṣẹ́ ẹ tiẹ̀ ka ìwé yẹn?", wọ́n máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jáde rárá, "irọ́ ni". Láàárín ọ̀rẹ́, "irọ́ o!" ò ṣe nǹkan kan, a tiẹ̀ fi ń ṣe ìyàlẹ́nu. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún àjèjì, ẹ ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn, pàápàá tó bá dàgbà, ẹjọ́ á wá kúrò lórí Odùduwà, á di pé ẹ pe àgbàlagbà ní òpùrọ́. "Kò rí bẹ́ẹ̀ tó" tàbí "ó ku díẹ̀ níbẹ̀ sà" máa ṣe iṣẹ́ tí "irọ́ ni" fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ náà nìkan ló bá wí.

"Ẹ" náà ńkọ́? Ẹni tẹ́ ò mọ̀, ẹ ò mọ ọdún tó wà lórí ẹ̀, ẹ lo "ẹ" fún un kódà tójú ẹ̀ bá kéré. Nínú iyàn, ìgbà tí "ẹ" bá yí padà di "o" lójijì ni gbogbo èèyàn máa ń mọ̀ pé ìjà ti dé. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn ẹ̀ka èdè kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, torí náà tẹ́nì kan bá pè yín ní "ìwọ", ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé tiẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó bínú.

Yorùbá ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Mo rò pé ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ ti ń ṣì í, wọ́n rò pé tí "ẹ má bínú" bá ti wà níwájú, ohunkóhun ló lè tẹ̀ lé e. "Ẹ má bínú o sà, ẹ lọ kàwé sí i", akọ pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́..." tó bá jẹ́ pé ohun tó kàn ò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ yọ "ẹ má bínú" yẹn kúrò. Tí ìyókù bá ṣì ṣeé gbọ́ sétí, á jẹ́ pé ó dáa, ẹ wá fi àforíjì yín sí i padà. Tí kò bá ṣeé gbọ́, ìyókù lẹ máa tún ṣe.

Tí bàbá bá wá yarí pé méje ni àfi méje, "mo gbọ́ yín sà" ti tó. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ti gbà, torí gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi kún un pé "ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀ dọjọ́ míì", kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ má fi ẹ̀rín ṣẹ̀sín, ẹ má sì yíjú sí àwọn tó kù kẹ́ ẹ máa wí pé "ẹ ṣáà gbọ́ bàbá yìí".

Gbogbo èyí tí mo sọ, ọ̀rọ̀ tó lè dúró dọ̀la ni mo ń sọ ọ́ fún o. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ni gìrì mú níwájú yín, tí ìyá àgbà kan tẹ́ ò mọ̀ rí ní kí wọ́n lọ mú àgbo ìtọ̀ màlúù wá kí wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ẹ má wá òwe, ẹ má sì kọ́kọ́ wá òótọ́ inú ọ̀rọ̀ wọn, torí nǹkan yẹn lè pa ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ká máa gbé e lọ ọsibítù." Ẹ sọ ọ́ sókè ketekete, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́" àti "mà" ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti máa wá mọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́. Tí ọmọ bá ti wà lọ́wọ́ dókítà, ẹ lè padà wá kúnlẹ̀ bẹ ìyá.