Owó àtúnṣe ẹ̀rọ tó bọ́ sínú àkáǹtì epo: báwo la ṣe ń tún un kọ?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, ilé iṣẹ́ gàrí kan ni mo ń bá kọ ìwé owó. Ní oṣù kẹta, a fi ṣẹ́ẹ̀kì san 240 000 fún mẹkáníìkì tó tún ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe. Mo ṣèèṣì kọ ọ́ sínú àkáǹtì epo, 6053. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni pé kí n kọ owó náà sí débì àkáǹtì tó tọ́, kí n sì kọ ọ́ sí kírédì àkáǹtì tí mo ṣì í kọ sí. Ọ̀gá mi ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Ìdáhùn

Ọ̀gá rẹ ló jàre, àbúrò. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Abẹ́òkúta kì í ṣe irọ́ o. Bó o bá gba ọ̀nà yẹn, iye tó máa ṣẹ́kù nínú àkáǹtì méjèèjì kò ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti ń kọ ìwé báyìí ní òfin tirẹ̀. Òfin ìṣirò owó tí àwa orílẹ̀-èdè OHADA jọ ń lò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, sọ ọ́ ní abala 20 pé ọ̀nà kan ṣoṣo la fi ń tún àṣìṣe ṣe: ká tún ohun tí a ṣì kọ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, lẹ́yìn náà ká wá kọ èyí tó tọ́. Òfin tó wà ṣáájú rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn àgbà iṣẹ́ níbí kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Mú àkáǹtì epo yín, kó o lè rí ìdí rẹ̀. Ká ní 185 000 ni epo tí ẹ rà ní oṣù kẹta. Àṣìṣe rẹ ti sọ ọ́ di 425 000. Bó o bá lọ kọ 240 000 sí kírédì, lóòótọ́ 185 000 ló máa ṣẹ́kù, àmọ́ àròpọ̀ débì á ṣì jókòó sí 425 000, àròpọ̀ kírédì á sì jẹ́ 240 000. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ á ka ìwé náà, á sì rò pé ẹ ra epo 425 000, pé ẹ wá dá epo 240 000 padà fún ẹni tó tà á. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dá epo padà. Bó bá jẹ́ apá débì kan náà lo kọ 240 000 sí pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, àròpọ̀ débì á padà sí 185 000, kírédì á wà lófo. Ìlà àṣìṣe àti ìlà àtúnṣe ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé wò, ṣùgbọ́n àròpọ̀ kò purọ́ mọ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, mo bá ilé búrẹ́dì kan kọ ìwé níbí ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi máa ń gbé owó kan náà láti débì sí kírédì, láti àkáǹtì kan sí òmíràn, lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, títí tó fi rí ibi tó wù ú. Àròpọ̀ débì àkáǹtì àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tó jáde ní tòótọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá owó tí kò sọ nù.

Bí ìkọsílẹ̀ rẹ ṣe máa rí nìyí. Inú ìwé oríṣiríṣi, OD, lo máa kọ ọ́ sí, kì í ṣe inú ìwé báńkì:

```
                                   Débì    Kírédì
6053  Epo àti agbára yòókù     -240 000
6242  Àtúnṣe ẹ̀rọ, ohun èlò      240 000
      Àròpọ̀                           0         0
```

Má jẹ́ kí apá kírédì tó ṣófo yẹn dẹ́rù bà ọ́. Òdo dọ́gba pẹ̀lú òdo, ìkọsílẹ̀ náà dúró dáadáa. Wò ó pẹ̀lú pé báńkì kò sí níbẹ̀. Nígbà tó o kọ ṣẹ́ẹ̀kì náà, ìlà méjì lo kọ: 6053 ní débì, 521 ti báńkì ní kírédì. Ìlà báńkì kò ní àṣìṣe kankan, 240 000 jáde lóòótọ́, ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ sì jẹ́rìí sí i. Àwọn kan máa ń yọ ìlà méjèèjì kúrò, wọ́n á wá tún gbogbo rẹ̀ kọ látòkèdélẹ̀. Ìyẹn náà bá òfin mu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fi ìwé rẹ wé ti báńkì, ìlà mẹ́ta lo máa bá fún ṣẹ́ẹ̀kì kan ṣoṣo. Èmi kì í fọwọ́ kan ohun tí kò bàjẹ́. Níbi àlàyé, kọ nọ́ńbà ìkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀kì, torí “àtúnṣe àṣìṣe” nìkan kò ní sọ nǹkan kan fún ẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n má tíì kọ ọ́ o. Ohun kan wà tó o ò sọ nínú ìbéèrè rẹ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tún àṣìṣe ṣe tí wọ́n fi ń dá òmíràn sílẹ̀. Ṣé mẹkáníìkì náà fún yín ní fàkítúrù? Ṣé ẹ ti kọ fàkítúrù náà sínú ìwé kí ẹ tó sanwó?

Ṣí àkáǹtì 401, ti àwọn tí a ra ọjà tàbí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó o wá orúkọ mẹkáníìkì náà. Bó ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé tààrà lo kọ owó náà sínú ìnáwó, ìkọsílẹ̀ tó wà lókè yẹn sì ni tìrẹ. Bó o bá rí 240 000 ní kírédì, tí kò sí débì kankan tó pa á, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan ti kọ fàkítúrù náà, bóyá ìwọ fúnra rẹ ní oṣù kejì: 6242 ní débì, 401 ní kírédì. Owó àtúnṣe ẹ̀rọ ti wà níbi tó yẹ kó wà látọjọ́ yẹn. Ṣẹ́ẹ̀kì oṣù kẹta kì í ṣe ìnáwó tuntun, gbèsè lẹ san.

Bó o bá wá gbé 240 000 láti àkáǹtì epo lọ sí 6242, ìwé yín á máa sọ pé àtúnṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo ná yín ní 480 000. Ìyẹn nìkan kọ́. Mẹkáníìkì á ṣì wà nínú 401 bí ẹni tí ẹ jẹ ní 240 000. Tó bá di oṣù kẹfà, tí ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn tí ẹ jẹ lówó jáde, orúkọ rẹ̀ á hàn, ẹnì kan sì lè kọ ṣẹ́ẹ̀kì kejì fún un. Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló máa ní “ẹ ti san án fún mi.”

Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àkáǹtì ìnáwó mìíràn ló tọ́, 401 ni:

```
                                   Débì    Kírédì
6053  Epo àti agbára yòókù     -240 000
401   Mẹkáníìkì ẹ̀rọ             240 000
      Àròpọ̀                           0         0
```

Lẹ́yìn èyí, so débì tuntun yìí pọ̀ mọ́ kírédì fàkítúrù nínú 401. Lẹ́tà kan náà la máa ń fi sí ara àwọn méjèèjì, A fún méjì àkọ́kọ́ tí a so pọ̀, B fún méjì tó tẹ̀ lé e. Tí iye tó kù lórí mẹkáníìkì bá ti di òdo, tí epo sì padà sí 185 000, ó ti bọ́ sí i. Ohun méjèèjì ni kó o yẹ̀ wò, nítorí epo á padà sí 185 000 nínú ìkọsílẹ̀ kìíní àti nínú ìkejì bákan náà. Àkáǹtì epo kò lè sọ fún ẹ pé ọ̀nà tí kò tọ́ lo gbà. 401 nìkan ló lè sọ ọ́.

Bí tévéà bá wà lórí fàkítúrù náà, ìṣirò rẹ á gùn díẹ̀ sí i. Ká ní 240 000 ni owó iṣẹ́, tévéà 18 nínú 100 sì jẹ́ 43 200, ẹ ti san 283 200. Bó bá jẹ́ odindi 283 200 lo dà sínú epo, odindi rẹ̀ ni kó o yọ kúrò. Bí ẹ kò bá tíì kọ fàkítúrù, 240 000 á lọ sí 6242, 43 200 á lọ sí 4454 tí ẹ ti máa gba tévéà padà, bí ilé iṣẹ́ yín bá wà lára àwọn tó ń san án. Bí ẹ bá ti kọ fàkítúrù, odindi 283 200 á lọ sí 401, kò sì sí ohun tó kàn ẹ́ mọ́ nípa tévéà.

Ní ti ọjọ́ tó o máa kọ sí i: bí oṣù kẹta kò bá tíì ní àmì ìfọwọ́sí nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tó ṣì wà bí àkọsílẹ̀ tí a lè ṣí, ṣí i kó o yí 6053 padà, kò sí ẹni tó máa bá ẹ jà. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, má gbìyànjú láti pa á rẹ́. Ọjọ́ tó o rí àṣìṣe náà ni kó o kọ sí àtúnṣe, ní oṣù tó ṣí sílẹ̀. Tẹ ìwé kékeré kan tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, fi ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì àti fàkítúrù mọ́ ọn, jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i. Ọdún 10 ni òfin ní kí a fi tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá kọ̀ láti gba àmì ìyọkúrò, ẹni tó tà á fún yín lè ṣí i. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àṣẹ nìkan ni wọn kò tíì fún orúkọ tó o fi ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan kù, nítorí ó lè jẹ́ pé bó o ṣe ń wá èyí lo máa rí irú rẹ̀ nínú ọdún tó kọjá tí ẹ ti ti ìwé rẹ̀ pa. Bó bá jẹ́ àṣìṣe láàárín àkáǹtì ìnáwó méjì ni, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì ìnáwó kì í kọjá sínú ọdún tuntun, òdo ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Bó o bá yọ 240 000 ọdún tó kọjá kúrò nínú epo ọdún yìí, ti ọdún yìí lo bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú ti 401 ni, gbèsè tí kò sí yẹn ti bá yín wọ ọdún tuntun, èrè ọdún tó kọjá sì ti fi 240 000 dín sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Ìyẹn ti kan owó-orí. Gbé e lọ bá ẹni tó bá yín ti ìwé ọdún pa kó o tó fọwọ́ kàn án, kó o sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì pé kò gbọ́dọ̀ san 240 000 yẹn.